Búlọ́ọ̀kù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: apá ibo gan-an ni ọfà fíríkíṣọ̀n kọrí sí?

Fìlà_Ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ àṣetiléwá kan ló dá mi dúró. Búlọ́ọ̀kù 5 kg wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dá igun 30° sí ilẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n ń fi okùn yẹn fà á sókè, okùn náà sì ń tọ ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ, kò gbé sókè, kò tẹ̀ sísàlẹ̀. Ipá okùn jẹ́ 30 N. µs, ti ìgbà tí búlọ́ọ̀kù bá dúró, jẹ́ 0.4, µk, ti ìgbà tó bá ń yọ̀, jẹ́ 0.3. Búlọ́ọ̀kù náà dúró sójú kan, kò mira. Wọ́n ní ká ya àwòrán ipá rẹ̀, ká sì sọ bí fíríkíṣọ̀n ṣe tó àti ibi tó kọrí sí.

Ọfà mẹ́rin ni mo yà. Ìwúwo lọ sílẹ̀, nọ́mà ń jáde kúrò lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, okùn lọ sókè, mo sì yí fíríkíṣọ̀n náà sókè, torí ohun tó bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìsàlẹ̀ ló máa ń fẹ́ yọ̀ lọ. Nígbà tí mo wá ṣírò rẹ̀, fíríkíṣọ̀n já sí −5.5 N. Ṣé ipá lè kéré sí òdo ni? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa àmì ìyọkúrò yẹn rẹ́, kí n kọ 5.5 sílẹ̀, kí n máa lọ. Ọkàn mi ò gbà á.

Ọ̀gá_Fọ́múlà

Àbúrò, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Fíríkíṣọ̀n jẹ́ µN, ó tán. Nọ́mà jẹ́ 49 × cos 30°, ìyẹn 42.4 N. Sọ ọ́ di ìlọ́po 0.4, o ní 17 N. Ibi tí nǹkan bá ń lọ, ibẹ̀ ni fíríkíṣọ̀n ń takò. Wọ́n ń fà á sókè, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ọfà rẹ̀ kọrí sí. Kọ 17 N, sísàlẹ̀.

Kíá_Kíá

Kò le rárá. 30 − 24.5 jẹ́ 5.5. Pín in sí 5, ó di 1.1. Eré rẹ̀ ń fi 1.1 m/s² pọ̀ sí i lọ sókè. Ìdáhùn nìyẹn.

Fìlà_Ọ̀sán

@Kíá_Kíá ẹ ṣé, àmọ́ búlọ́ọ̀kù náà ò lọ síbì kankan. Wọ́n sọ ọ́ nínú ìbéèrè pé ó dúró. Fíríkíṣọ̀n ni wọ́n ní ká wá.

Kíá_Kíá

Ah, mi ò rí ibẹ̀. Mo rò pé ojú rẹ̀ ń dán, kò sí fíríkíṣọ̀n.

Tísà_Ìrọ̀lẹ́

Fìlà, ó dáa bí ọkàn rẹ ṣe kọ̀ ọ́. Má pa àmì yẹn rẹ́.

Ká tó dé orí ìṣirò, ọfà kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìwé rẹ gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè kan: kí ló ń ṣe é sí búlọ́ọ̀kù? Ilẹ̀ ayé ló ń fa ìwúwo, 5 × 9.8, ìyẹn 49 N, ó sì ń fà á lọ sílẹ̀ tààrà, kò bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yí. Ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń ti búlọ́ọ̀kù, nọ́mà nìyẹn, 90° ló sì gbọ́dọ̀ dá sí ojú yẹn. Ẹni tó bá ya nọ́mà lóòró bí ẹni pé orí tábìlì ni búlọ́ọ̀kù wà, gbogbo ìṣirò rẹ̀ ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Okùn ń fà, okùn kì í ti nǹkan, nítorí náà ọfà rẹ̀ á máa tẹ̀ lé okùn, á sì máa jáde kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà yẹn ló tún ń ṣe fíríkíṣọ̀n níbi tí òun àti ìdí búlọ́ọ̀kù ti fara kanra. Ọfà tí kò bá rí ohun tó ń ṣe é, kó kúrò níbẹ̀. Mo máa ń rí ìwé tí wọ́n ya ọfà karùn-ún sí, wọ́n á kọ "ipá ìyọ̀" tàbí "ma" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mo bá ní kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe é, wọn ò ní rí nǹkan kan dárúkọ. ma kì í ṣe ipá, èrè àwọn ipá ni. Ẹ̀gbẹ́ kejì ìdọ́gba ló ń gbé.

Ìwọ dá mẹ́ta nínú mẹ́rin mọ̀ dáadáa. Èyí tó kù ló nira jù, torí pé ìwúwo, nọ́mà àti okùn, gbogbo wọn ló ní ojú ibi tí wọ́n kọrí sí kó o tó mú pẹ́ńsùlù. Fíríkíṣọ̀n ohun tó dúró sójú kan kò ní. O gbọ́dọ̀ wo àwọn tó kù kí o tó mọ̀.

Bí mo ṣe ń wò ó nìyí. Fi ọkàn yọ fíríkíṣọ̀n kúrò pátápátá. Ká ní ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ń yọ̀ bíi dígí tí wọ́n da epo lé. Okùn ń fi 30 N fà á sókè. Ìwúwo ní apá kan tó ń tọ ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, 49 × sin 30°, ìyẹn 24.5 N. Ta ló borí? Okùn ni. Nítorí náà, láìsí fíríkíṣọ̀n, òkè ni búlọ́ọ̀kù ìbá yọ̀ lọ. Fíríkíṣọ̀n tó dá a dúró gbọ́dọ̀ kọrí sí ìsàlẹ̀, kò sì nílò ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lọ, 5.5 N.

Wàyí o, wo ìdọ́gba tìrẹ. O mú òkè ní ìròpọ̀, o sì kọ ọ́ báyìí:

```
30 + f − 24.5 = 0
f = −5.5
```

Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ipá kò kéré sí òdo. Ohun tí àmì ìyọkúrò ń sọ ni pé ọfà tí o yí sókè, ìsàlẹ̀ ló wà ní tòótọ́. O lè fi ọfà sílẹ̀ bó ṣe wà kí o kọ −5.5, tàbí kí o yí ọfà padà kí o kọ 5.5. Méjèèjì tọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tó burú ni èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ: kí ọfà máa wo òkè, kí 5.5 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìní àmì. Ẹni tó bá ka àwòrán yẹn á rí 35.5 N lọ sókè àti 24.5 N lọ sísàlẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ní kò mira.

Tísà_Ìrọ̀lẹ́

@Ọ̀gá_Fọ́múlà, ìsàlẹ̀ tí ẹ sọ tọ̀nà níbi ìbéèrè yìí. 17 N yẹn ni mi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Bí fíríkíṣọ̀n bá jẹ́ 17 N lọ sísàlẹ̀, ipá tó ń lọ sísàlẹ̀ á di 24.5 + 17, ìyẹn 41.5 N. Èyí tó ń lọ sókè jẹ́ 30 N péré. Búlọ́ọ̀kù á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sísàlẹ̀, fíríkíṣọ̀n ni yóò sì máa tì í. Níbo la ti rí i kí fíríkíṣọ̀n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dúró sójú kan dìde kó máa lé búlọ́ọ̀kù tó jókòó jẹ́jẹ́?

17 N jẹ́ òpin tí fíríkíṣọ̀n lè dé kí búlọ́ọ̀kù tó já. Ohun tó ń lò lónìí lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ òdo.

Ọ̀gá_Fọ́múlà

Tísà, mo gbọ́ ti òpin. Àwa tí a ti ń ṣe ìdánwò láti ọjọ́ pípẹ́, µN la mọ̀, ó sì ń gba máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé òfin mi kejì kò tọ̀nà: fíríkíṣọ̀n ń takò ibi tí nǹkan ń lọ. Ìyẹn ò yí padà.

Awakọ̀_Ẹrù

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ka físíìsì púpọ̀, ọkọ̀ ẹrù ni mo ń wà. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ló jẹ́ kí n dá sí i. Tí mo bá ń gun òkè, òkè ni ọkọ̀ ń lọ. Tí fíríkíṣọ̀n ojú títì bá ń takò ibi tí ọkọ̀ ń lọ, kí ló wá ń gbé ọkọ̀ gòkè? Tí ojú títì bá tutù tó ń yọ̀, táyà á kàn máa yí lójú kan, ọkọ̀ ò ní gbéra. Ìyẹn fi hàn mí pé fíríkíṣọ̀n ló ń tì mí sókè.

Èkejì, ẹrù tí mo gbé lẹ́yìn. Tí mo bá ń lọ jẹ́jẹ́ lórí òkè, àpótí á dúró. Tí mo bá tẹ iná lójijì, á yọ̀ sẹ́yìn. Ta ló ń mú un dúró tẹ́lẹ̀, kí sì ló dé tó fi jọ̀wọ́ rẹ̀?

Tísà_Ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá awakọ̀, ẹ ti já ọ̀rọ̀ náà sójú rẹ̀. Ohun tí fíríkíṣọ̀n ń takò ni kí ojú méjì tó fara kanra máa yọ̀ lórí ara wọn. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ nínú ayé kò kàn án. Ìsàlẹ̀ táyà tí ẹ́ńjìnì ń yí fẹ́ yọ̀ sẹ́yìn lórí títì, nítorí náà títì ń tì í síwájú, lọ sókè. Ọfà fíríkíṣọ̀n táyà yẹn àti ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ojú kan náà ni wọ́n kọ sí.

Àpótí yín náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ya òun nìkan, ẹ má ya ọkọ̀ mọ́ ọn. Ọfà mẹ́ta ló ní: ìwúwo, nọ́mà láti ojú pátákó ọkọ̀, àti fíríkíṣọ̀n láti ojú pátákó yẹn kan náà. Nígbà tí ẹ ń lọ ní eré kan náà láìyípadà, fíríkíṣọ̀n lọ sókè, ó dọ́gba pẹ̀lú apá ìwúwo tó ń lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ tẹ iná, iṣẹ́ ti di méjì: kó di ìwúwo mú, kó sì tún fi kún eré àpótí kí àpótí lè bá ọkọ̀ lọ. Lórí òkè tó dá igun 10°, bí eré ọkọ̀ bá ń fi 2 m/s² pọ̀ sí i, ó dà bí ẹni pé fíríkíṣọ̀n gbọ́dọ̀ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ní 1.7 N fún ìwúwo àti 2 N fún eré, 3.7 N lápapọ̀. Nọ́mà fún kílógíráàmù kan níbẹ̀ jẹ́ 9.65 N. Nítorí náà, bí µs pátákó àti àpótí kò bá tó nǹkan bíi 0.38, àpótí á yọ̀ sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé nígbà tó ń yọ̀ sẹ́yìn lórí pátákó yẹn, òkè náà ni fíríkíṣọ̀n rẹ̀ ṣì kọrí sí. Kò kàn tó ni.

Òfin Ọ̀gá_Fọ́múlà ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fúnra rẹ̀ bá dúró tí búlọ́ọ̀kù sì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ká ní ẹnì kan gbá búlọ́ọ̀kù Fìlà sókè láìsí okùn. Bó ti ń lọ sókè, fíríkíṣọ̀n kọrí sí ìsàlẹ̀, µkN, ìyẹn 12.7 N, ìwúwo náà ń fà á sísàlẹ̀. Ibi tó ti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré lókè yẹn, ọfà gbọ́dọ̀ yí padà. Láti dúró síbẹ̀, á nílò 24.5 N lọ sókè, òpin sì jẹ́ 17. Kò ní lè dúró, á yọ̀ padà wálẹ̀, fíríkíṣọ̀n á sì di 12.7 N lọ sókè. Ẹni tó bá fi àwòrán kan ṣoṣo ṣe lílọ àti bíbọ̀ á rí eré tí kò bá ti òótọ́ mu nígbà bíbọ̀.

Ọ̀gá_Fọ́múlà

Ìyẹn ni mo ń sọ. Lílọ sókè, ọfà sísàlẹ̀. Bíbọ̀ wálẹ̀, ọfà sókè. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yàtọ̀, ẹ́ńjìnì wà ńbẹ̀.

Awakọ̀_Ẹrù

Ẹ́ńjìnì ò sí nínú àpótí o, ọ̀gá.

Màmá_Ìbejì

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń kọ́ nǹkan yìí báyìí, èmi ni mo ń bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́. Ìdààmú tiwọn kì í ṣe fíríkíṣọ̀n. Ọ̀kan ń fi sin sí ibi tí ìkejì ń fi cos sí, wọ́n á sì máa jà. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí ẹ̀gbọ́n ya ìwúwo 49 N, ó tún ya 24.5 N àti 42.4 N mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ lórí àwòrán kan. Ọfà mẹ́fà ló wà lára búlọ́ọ̀kù yẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Pẹ́ńsùlù_àti_Rúlà

Ẹ káalẹ́ mà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. 24.5 àti 42.4 yẹn, inú ìwúwo ni wọ́n ti jáde, wọn kì í ṣe ipá mìíràn. Bí ọmọ bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó ti ka ìwúwo lẹ́ẹ̀mejì. Èmi máa ń ní kí wọ́n fi ìlà tó-tò-tó ya méjì yẹn, tàbí kí wọ́n fa ìlà wínníwínní gba àárín ọfà ìwúwo láti fi hàn pé wọ́n ti pín in. Èyí tó dáa jù ni kí wọ́n ya àwòrán ipá lọ́tọ̀, pẹ̀lú 49 N nìkan, kí wọ́n sì pín in lórí àwòrán kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ti sin àti cos: ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sún mọ́ 45°. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá, torí igun kékeré àti igun ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni èwo. Ẹ ní kí wọ́n ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó rọra gbé sókè, bí 15° tàbí 20°, bó tiẹ̀ jẹ́ 30° ló wà nínú ìbéèrè. Wọ́n á rí i kedere pé igun kékeré ló wà láàárín ọfà ìwúwo àti ìlà tó dá 90° sí ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Apá ìwúwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun kékeré yẹn ló gùn, òun ló ń gba cos.

Tí wọ́n bá ṣì ń jà, ẹ ní kí wọ́n fi ọkàn tẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá, igun di 0°. Búlọ́ọ̀kù lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ṣé nǹkan kan ń fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Rárá. Sin 0° jẹ́ òdo, cos 0° jẹ́ 1. Nítorí náà apá tó ń tọ ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ní sin. Ìdánwò yìí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ.

Màmá_Ìbejì

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ẹyọ kan. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọfà láti àárín búlọ́ọ̀kù, wọ́n yọ máàkì rẹ̀ kúrò, wọ́n ní fíríkíṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ya a sí ìdí, olùkọ́ mìíràn ní kó kó gbogbo ọfà wá sí ojú àmì kan láàárín. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Pẹ́ńsùlù_àti_Rúlà

Àárín. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń ṣe é pé búlọ́ọ̀kù kò ní dojú dé, ibi tí ọfà ti bẹ̀rẹ̀ kò yí ìṣirò padà. Ojú àmì kan mọ́ tónítóní, ó sì rọrùn láti yẹ̀ wò.

Tísà_Ìrọ̀lẹ́

Mi ò bá yín jiyàn lórí ìṣirò, àmọ́ èmi ní kí wọ́n ya nọ́mà àti fíríkíṣọ̀n láti ojú ibi tí ìdí búlọ́ọ̀kù ti fara kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìwúwo jáde láti àárín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé búlọ́ọ̀kù gíga tó tín-ín-rín wá, tí wọ́n sì béèrè bóyá á dojú dé, ẹni tó ti mọ́ lára láti kó ohun gbogbo sí àárín kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́mà kì í dúró sí àárín ìdí nígbà yẹn, ó máa ń sún sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀.

Pẹ́ńsùlù_àti_Rúlà

Ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè ìyẹn, á kọ́ ọ. Kí ó kọ́kọ́ mọ èyí ná.

Màmá, ohun tí ẹni tó ń máàkì bá fẹ́ ni kí wọ́n ṣe. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdánwò tó dé.

Fìlà_Ọ̀sán

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó ti ń yé mi. Àmọ́ mo fẹ́ ọ̀nà kan tí màá fi yẹ ọfà mi wò láìsí ìdọ́gba, torí tí mo bá ṣi àmì kọ nínú ìdọ́gba, mo tún lè ṣì í nígbà tí mo bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Pẹ́ńsùlù_àti_Rúlà

Rúlà àti ìwé gíráàfù ló máa gbà ọ́. Ohun tó bá dúró sójú kan, bí o bá to àwọn ọfà rẹ̀ tẹ̀ léra, ìdí èyí lórí orí èkejì, ọfà tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ padà dé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí 1 cm dúró fún 5 N. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ ń gùn lọ sápá ọ̀tún. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan, fa ìwúwo sílẹ̀ ṣánṣán, 9.8 cm. Láti orí ọfà yẹn, fa nọ́mà sókè, 8.5 cm, àmọ́ kí ó fi 30° yẹ̀ sí apá òsì kúrò lóòró. Láti ibi tó parí sí, fa okùn lọ sápá ọ̀tún tó ń gùn sókè ní 30°, 6 cm. Wo ibi tí o wà báyìí: o ti kọjá ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Láti padà, o nílò ọfà kékeré 1.1 cm tó tọ ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ọfà yẹn ni fíríkíṣọ̀n, ìwé fúnra rẹ̀ ló yà á fún ọ. 1.1 cm jẹ́ 5.5 N.

Bí o bá ti fi 1.1 cm yẹn lọ sókè, àlàfo 2.2 cm á ṣẹ́ kù. Bí o bá gba ti Ọ̀gá_Fọ́múlà tí o fa 3.4 cm lọ sísàlẹ̀, wàá kọjá ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2.3 cm ní ìhà kejì. Àlàfo tó bá tọ ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ, fíríkíṣọ̀n tàbí okùn ni kí o lọ wò. Àlàfo tó bá gba ibòmíràn, nọ́mà rẹ ló wọ́, tàbí o fi sin àti cos gbara wọn. Nǹkan bíi mìlímítà kan tàbí méjì kò sọ nǹkan, pẹ́ńsùlù lásán ni.

Ẹ̀yin tó ń tẹ́tí, ẹ má ṣe ìdánwò yìí sí búlọ́ọ̀kù tí eré rẹ̀ ń yí padà. Ti ìyẹn kì í padé. Àlàfo tó kù níbẹ̀ ni ma gan-an, ojú tí àlàfo náà sì kọ sí ni eré ń pọ̀ sí.

Màmá_Ìbejì

Ẹ dárí jì mí. Bí wọn ò bá fi okùn fà á ńkọ́, tí wọ́n bá fi ọwọ́ tì í níbùú, bí ẹni pé ilẹ̀ ni ọwọ́ ń tọ̀ lọ? Àwọn ọmọ ní nọ́mà ṣì jẹ́ 42.4.

Tísà_Ìrọ̀lẹ́

Rárá mà. mg cos θ jẹ́ nọ́mà nígbà tí kò bá sí ipá mìíràn tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí tó ń gbé e kúrò níbẹ̀. Okùn Fìlà ń tọ ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ, kò tẹ̀ ẹ́, kò gbé e. Ọwọ́ tó ń tì níbùú ń tẹ̀ ẹ́. Ká ní ó jẹ́ 20 N. Apá kan rẹ̀, 20 × sin 30°, ìyẹn 10 N, wọ inú ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nọ́mà á sì di 52.4 N. Apá kejì, 17.3 N, ló ń tì í sókè. Ìwúwo ṣì ń fi 24.5 fà á wálẹ̀. Láìsí fíríkíṣọ̀n, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, nítorí náà fíríkíṣọ̀n jẹ́ 7.2 N lọ sókè. Òpin rẹ̀ náà ti ga sí 21 N, torí nọ́mà ti pọ̀ sí i.

Fìlà_Ọ̀sán

Mo lọ ya tèmi lórí ìwé gíráàfù, ó padé, ó ku bíi mìlímítà kan. Mo wá yí ipá okùn padà láti wò ó. Ní 10 N, fíríkíṣọ̀n di 14.5 N lọ sókè. Ní 24.5 N, fíríkíṣọ̀n di òdo, mi ò mọ̀ bóyá kí n fi ọfà sílẹ̀ tàbí kí n yọ ọ́. Ní 6 N, mo rí 18.5 N lọ sókè. Ṣé ó tọ̀nà?

Tísà_Ìrọ̀lẹ́

Ti 10 N tọ̀nà. Ti 24.5 N, má ya ọfà kankan, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé f = 0 kí ẹni tó ń kà á má bàa rò pé o gbàgbé.

Ti 6 N, padà lọ wo òpin. 18.5 ju 17 lọ, fíríkíṣọ̀n kò ní in láti fún ọ. Láti 7.5 N sí 41.5 N nìkan ni búlọ́ọ̀kù yìí lè dúró sí. Bí ipá okùn bá rẹ̀ sílẹ̀ ju 7.5 lọ, ó ti já, ó ń yọ̀ wálẹ̀, µk ló kàn. Ya ọfà fíríkíṣọ̀n sókè, kọ 12.7 N sí i. Ohun tó kù jẹ́ 24.5 − 6 − 12.7, nǹkan bíi 5.8 N lọ sísàlẹ̀, eré rẹ̀ á sì máa fi nǹkan bíi 1.2 m/s² pọ̀ sí i.

Ọ̀gá_Fọ́múlà

Ṣé ẹ rí i, µN náà la padà sí.

Fìlà_Ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, µk ni o, kì í ṣe µs. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ó ku ti ibi tí ọfà ti ń bẹ̀rẹ̀, màá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń máàkì lọ́la.